Dáńlóòdù 2,500, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìtàn?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi íapíìsì sétí dáadáa, nítorí òǹkà pọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òní. Ẹ̀yin tí ẹ máa kà á ló sàn fún, ẹ̀yin lè padà sókè lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù kan jáde. Ó ní ẹni tó fẹ́ bá òun polówó rẹ̀ ti ṣèlérí dáńlóòdù 5,000 láàárín oṣù kan, ó wá béèrè pé ṣé kí òun sanwó. Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí, nítorí èmi náà ti ṣe irú ìlérí yẹn fún ẹlòmíì rí, mo mú un ṣẹ, mo sì gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé owó olówó ni mo ti dà sínú kòtò.

Ẹ̀yin tó ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ gbígbé ètò jáde ni mò ń ṣe, ti ohùn àti ti fídíò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbà mí fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní áàpù kan tí èèyàn fi ń gbọ́ ìtàn lédè Yorùbá, àlọ́ fún àwọn ọmọdé, ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ẹ̀rù fún àgbà. Ìtàn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦1,500 ni oṣù kan. Nínú ₦1,500 yẹn, Google Play á mú ₦225 tirẹ̀, torí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà nígbà náà lórí owó tí èèyàn ń san lóṣooṣù nínú áàpù. ₦300 jẹ́ ti àwọn tó ń sọ ìtàn. Ohun tó kù fún ilé-iṣẹ́ jẹ́ ₦975. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ₦975 yẹn sọ́kàn, òun la máa fi ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti sọ àwọn òǹkà yòókù di pọ́nńtì kí ó má baà fún yín ní ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ó wà nínú ìwé àdéhùn mi pé bí dáńlóòdù bá lé ní 2,000 lóṣù àkọ́kọ́, wọn yóò fún mi ní ₦50,000 lórí owó oṣù mi. Kò sí ohun mìíràn nínú ìwé náà. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá àwọn èèyàn á gbọ́ ìtàn, bóyá wọ́n á padà wá, bóyá wọ́n á sanwó. Èmi náà ò sì béèrè, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Wọ́n fún mi ní ₦600,000 fún ìpolówó oṣù náà. Mo pín in sọ́nà méjì. Mo gbé ₦300,000 fún alágbàtà kan tó ní òun ní ọ̀pọ̀ èèyàn níkàáwọ́. Mo fi ₦300,000 kejì polówó nínú Google Ads, irú ìpolówó tí wọ́n ń pè ní App campaign, tí Google á máa gbé kiri fúnra rẹ̀ láti Play Store dé YouTube.

Lópin oṣù, alágbàtà mú 2,500 wá, ìyẹn ₦120 lórí ẹnì kan. Google mú 600 wá, ₦500 lórí ẹnì kan. Mo ya ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa lórí Wásáàpù. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni, “O ṣé iṣẹ́ gan-an! Ṣebí ìwọ náà rí i pé Google ti wọ́n jù. Lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo owó, alágbàtà ni kí o kó o fún.” Mo ní, “Ẹ ṣé sà.” ₦50,000 wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi kún owó ilé.

Ohun tó jẹ́ kí n padà wo iṣẹ́ náà kì í ṣe ọgbọ́n kankan. Màmá kan wà tó ń sọ àlọ́ fún wọn, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ohùn wọn dùn bí oyin. Ọ̀gá sọ fún mi pé owó tí wọ́n fẹ́ fi gba ohùn ìtàn mẹ́jọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá náà lóṣù kejì, àwọn yóò dá a dúró, àwọn yóò fi kún ti alágbàtà. Wọ́n ní kí èmi bá wọn sọ fún màmá. Mo pè wọ́n. Màmá ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ọmọ mi, ẹ ní èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti wọlé. Kí ló wá dé tí owó tó ń wọlé fún mi lóṣooṣù ò fi kún?”

Mi ò rí nǹkan sọ. Ìdá tiwọn nínú ₦300 yẹn ni wọ́n ń sọ. Ó ti yẹ kí ó lọ sókè.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí Firebase, ibi tí àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nínú áàpù wà. Mo kọ́kọ́ wo iye àwọn tó ń gbọ́ ìtàn lálaalẹ́. Kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 340. Lẹ́yìn dáńlóòdù 3,100, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 430. Mo rò pé mo ṣi òǹkà rí. Mo tún un wò.

Ohun kejì tí mo rí ni `first_open`. Àmì yẹn ni Firebase máa ń kọ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ṣí áàpù fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó ti gbà á sórí fóònù. Ẹni tó gbà á tí kò ṣí i kò sí níbẹ̀. Alágbàtà gba owó èèyàn 2,500 lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n 1,900 péré ló ṣí áàpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 600 gbà á sórí fóònù, wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí. Iye èèyàn tí mo rà pẹ̀lú ₦300,000 lọ́dọ̀ Google ni mo sọnù sínú dáńlóòdù tí kò ṣí lọ́dọ̀ alágbàtà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣe kedere ni ìgbà tí mo to àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Bí ẹ bá kàn ń wo iye àwọn tó ṣí áàpù lónìí, ẹni tó wọlé lánàá àti ẹni tó wọlé lọ́dún tó kọjá ti dàpọ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá ń da owó ìpolówó sí i lójoojúmọ́, àwọn tuntun á máa wọlé, wọ́n á máa bo ojú ihò tí àwọn àtijọ́ ń gbà jáde. Ó dà bí agbada tó ń jò tí ẹ ń pọnmi sí. Nítorí náà, ẹ mú gbogbo àwọn tó wọlé láti ojú ọ̀nà kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n wọlé sí ọjọ́ òdo, kí ẹ wá wo iye wọn tó tún ṣí áàpù lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ keje, lọ́jọ́ ọgbọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kì í dàpọ̀ mọ́ra wọn títí láé.

Èyí tí alágbàtà mú wá: nínú 2,500, 300 ló padà wá lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbà á. Lọ́jọ́ keje, wọ́n ku 75. Lọ́jọ́ ọgbọ̀n, wọ́n ku 25, ìyẹn ẹnì kan nínú 100. Ti Google: nínú 600, 210 padà wá lọ́jọ́ kejì, 108 lọ́jọ́ keje, 60 lọ́jọ́ ọgbọ̀n, ìyẹn ẹni 10 nínú 100. Ẹ ṣàkíyèsí pé 2,500 ni mo fi pín ti alágbàtà, kì í ṣe 1,900. Ohun tí ẹ sanwó fún ni kí ẹ fi pín. Bí ẹ bá fi àwọn tó ṣí i nìkan pín, ẹ ti bá alágbàtà bo àṣírí.

Ẹ wá jẹ́ ká fi owó sí i. ₦300,000 pín sí èèyàn 25 tó kù lọ́jọ́ ọgbọ̀n, ₦12,000 nìyẹn lórí ẹnì kan. ₦300,000 pín sí 60, ₦5,000 nìyẹn. Èyí tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ wọ́n ju èyí tí a pè ní ọ̀wọ́n. Irú owó kan náà, oṣù kan náà, áàpù kan náà.

Mo pe alágbàtà, mo bi í bó ṣe ń rí àwọn èèyàn rẹ̀. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ní áàpù kan wà tó ń fún èèyàn ní dátà bí wọ́n bá gba áàpù ẹlòmíì sórí fóònù, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ó dára, ó tán. Ẹni tó ń wá dátà rí dátà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n má gbàgbé, ìlànà Google Play fúnra rẹ̀ kọ̀ kí èèyàn fi ẹ̀bùn fa iye dáńlóòdù sókè, nítorí náà a tún fi áàpù náà sínú ewu láìmọ̀.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi dá irú rẹ̀ mọ̀. Ẹ wo ibi tí òǹkà ti já lulẹ̀. Fún èèyàn gidi, ó máa ń wálẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, yóò wá tẹ́jú. Fún àwọn tó wá gba ẹ̀bùn, ó máa ń já bí ẹni jábọ́ lórí òkè, lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀bùn bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn alágbàtà tó gbọ́n ju tèmi lọ á ní kí èèyàn ṣí áàpù fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó gba ẹ̀bùn, kí òǹkà ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì lè dùn wò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba ọjọ́ kìíní gbọ́ mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ keje ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá. Ẹ̀rù bà mí, ṣé ẹ mọ̀, torí mo ti gba ₦50,000, mo sì ti ná an. Mo tẹ́ òǹkà méjèèjì síwájú wọn. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé Google wá ń mówó wọlé ni?”

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ ò sì dùn. Ẹni tó padà wá ò tíì sanwó. A ní láti dúró di àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí a tó lè ka owó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé. Nígbà tó pé, àwọn ti alágbàtà ti sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá lápapọ̀. 14 lọ́nà ₦975 jẹ́ ₦13,650. Ẹ pín in sí 2,500, ó fún wa ní ₦5 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. A ra ẹnì kan ní ₦120, ó mú ₦5 wálé.

Ti Google, 45 sanwó lóṣù àkọ́kọ́, 30 san án lẹ́ẹ̀kejì, 24 san án lẹ́ẹ̀kẹta. 99 lọ́nà ₦975 jẹ́ ₦96,525. Ẹ pín in sí 600, nǹkan bíi ₦161. A ra ẹnì kan ní ₦500, ó mú ₦161 wálé. Ó sàn ju ti alágbàtà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àdánù ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn mi títí dé ọjọ́ ọgbọ̀n tó wá lọ kó gbogbo owó rẹ̀ fún Google ti yára jù.

₦161 yẹn wúlò púpọ̀ o. Òun ni òkè àjà wa. Bí a bá fẹ́ kí owó padà láàárín oṣù mẹ́ta, a ò gbọdọ̀ ra irú èèyàn yẹn ju ₦161 lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá ní ₦120 pọ̀, ẹlòmíì á ní ó kéré, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Iye tí èèyàn mú wálé ló ń sọ iye tó yẹ ká rà á, ìyẹn sì yàtọ̀ láti ọ̀nà kan sí èkejì nínú áàpù kan náà.

Màmá ló ṣí ọ̀nà kẹta. A ò dá iṣẹ́ wọn dúró mọ́. Mo gbé kámẹ́rà lọ sílé wọn, a ya fídíò ìṣẹ́jú méjì: màmá ń sọ àlọ́, wọ́n sọ ọ́ dé ibi tó dùn jù, wọ́n dákẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ìyókù wà nínú áàpù.” A fún wọn ní ₦80,000 fún iṣẹ́ náà, a sì gbé fídíò sórí ojú ìwé tiwọn àti tiwa láìsan owó ìpolówó kankan. Kí a lè mọ àwọn tó gba ibẹ̀ wá, a lo ìjápọ̀ Play Store tó ní àmì lára, báyìí:

```
https://play.google.com/store/apps/details?id=com.apeere.itan&referrer=utm_source%3Dfidio_mama%26utm_campaign%3Dosu_keji
```

Ohun tó wà lẹ́yìn `referrer=` ni Play Store á gbé fún áàpù lẹ́yìn tí èèyàn bá gbà á, kí ẹ lè ya ẹgbẹ́ yẹn sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀. Láìsí i, gbogbo wọn á kàn dà bí ẹni tó ti ojú ọ̀run já.

400 wá láti ibẹ̀. ₦80,000 pín sí 400, ₦200 lórí ẹnì kan. Lọ́jọ́ ọgbọ̀n, 48 ṣì ń gbọ́, ẹni 12 nínú 100. Láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ₦81,900. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi ₦205 lórí ẹnì kan tí a ra ní ₦200. Nínú ọ̀nà mẹ́ta, òun nìkan ló dá owó rẹ̀ padà.

Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ wo bí èrè náà ṣe kéré tó: ₦1,900. Bí èèyàn méjì péré kò bá san owó oṣù kan, ó ti di àdánù díẹ̀. Bí mẹ́ta kò bá san, àdánù náà á tún pọ̀ sí i. Àwọn tó sanwó nínú ẹgbẹ́ yẹn ò ju 36 lọ, nítorí náà mi ò lè búra pé ₦205 ju ₦200 lọ ní tòótọ́. Ohun tí mo lè búra sí ni pé ₦205 ju ₦5 lọ. Bí àwọn olùrà bá kéré, ẹ fi òǹkà wọn yan láàárín ohun tó jìnnà síra, ẹ má fi yan láàárín ohun tó súnmọ́ra.

Ìṣòro kejì ni pé kò ṣeé fà gùn. A tún ya fídíò mìíràn lóṣù kẹta, ₦80,000 náà ni. 170 ló mú wá, nǹkan bíi ₦470 lórí ẹnì kan. Àwọn tó ń tẹ̀lé màmá tí wọ́n fẹ́ áàpù ti gbà á látàárọ̀. Mo ti rí àwọn tó máa ń mú iye ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ní, “Bí ₦80,000 bá mú 400 wá, ₦800,000 á mú 4,000 wá.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó yẹ kí ẹ béèrè ni iye tí owó tí ẹ fi kún un *kẹ́yìn* mú wá.

Nítorí náà a tún padà sọ́dọ̀ Google, ṣùgbọ́n a yí ohun tí a ní kó máa wá padà. Nínú App campaign, ẹ lè sọ fún Google pé kó wá ẹni tó máa gba áàpù, tàbí ẹni tó máa ṣe ohun kan pàtó nínú rẹ̀, tàbí ẹni tó máa náwó jù. Èyí àkọ́kọ́ ni mo lò lóṣù kìíní. Google sì jẹ́ olóòótọ́, ohun tí mo béèrè ló fún mi: àwọn tó máa ń gba áàpù. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀gá fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó lọ́dọ̀ wa ò tó kí ẹ̀rọ náà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn. Google gbani nímọ̀ràn pé kí ohun tí ẹ bá yàn jẹ́ èyí tí ó kéré tán èèyàn 10 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń ṣe lójúmọ́. Èèyàn kan tàbí méjì ló ń sanwó lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa.

A wá wo ohun tí àwọn tó sanwó ti kọ́kọ́ ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló gbọ́ ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Àwọn tí kò sanwó, ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ ìṣẹ́jú méjì, wọ́n jáde. Èèyàn tó ń gbọ́ ìtàn tán lójúmọ́ sì ju 10 lọ. Ẹni tó kọ áàpù fi ìlà kan kún un, kí ó máa fi àmì sílẹ̀ nígbà tí ìtàn àkọ́kọ́ bá parí:

```
firebaseAnalytics.logEvent("pari_itan_kini", null)
```

A ní kí Google máa wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lóṣù náà, ₦300,000 mú 400 péré wá. ₦750 lórí ẹnì kan! Bí ó bá jẹ́ oṣù kìíní ni, mi ò bá ti sá kúrò níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n sanwó ní ìgbà 138, ₦134,550, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦336 lórí ẹnì kan. Iye tí a fi ra ẹnì kan fi ìdajì lọ sókè, iye tó mú wálé ju ìlọ́po méjì lọ. Àdánù ṣì ni, ₦45 ló ń padà wá nínú ₦100 láàárín oṣù mẹ́ta, ti oṣù kìíní jẹ́ ₦32. Bí àwọn tó kù bá dúró, owó lè pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan sí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní owó tó lè dúró dè é lè ṣe é. Tiwa ò lè ṣe é. A dín in kù sí ₦100,000 lóṣù, a fi ìyókù gba ohùn ìtàn tuntun sílẹ̀, torí a ti rí i pé ìgbà tí ìtàn tuntun bá jáde ni àwọn tó ti lọ máa ń padà.

Ẹnì kan á ti máa bi mí nínú ọkàn rẹ̀ báyìí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìpolówó ló mú ẹni tó wá wá. Ìbéèrè gidi ni. Kevin Frisch, tó ti bójú tó ìpolówó irú èyí ní Uber rí, sọ lórí pọ́díkáàsì kan pé nígbà tí àwọn pa nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là nínú 150 mílíọ̀nù tí àwọn ń ná lọ́dún, iye àwọn tó ń gba áàpù ò yí padà. Àwọn tó fẹ́ wọ Uber ń wá fúnra wọn, àwọn alágbàtà ló kàn ń fọwọ́ sí i pé àwọn ló mú wọn wá. Tiwa kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la fi dán an wò. A pa ìpolówó Google fún ọ̀sẹ̀ méjì, a wo iye àwọn tó ń wá fúnra wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tó máa wá tẹ́lẹ̀ ni à ń sanwó lé lórí. Wọn ò pọ̀ sí i. Ti fídíò màmá ló yà mí lẹ́nu: lọ́sẹ̀ tí fídíò àkọ́kọ́ jáde, àwọn tó wá láìtẹ ìjápọ̀ wa náà lọ sókè, torí ọ̀pọ̀ gbọ́ orúkọ áàpù lẹ́nu màmá, wọ́n sì lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn nínú Play Store. Ó ṣeé ṣe kí 400 yẹn kéré sí òótọ́. Mi ò kà wọ́n mọ́ ọn, torí mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà mi pé, a tún ìwé àdéhùn kọ. Gbólóhùn dáńlóòdù 2,000 jáde nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé n ó gba ẹ̀bùn bí iye owó tí a ná bá fi kéré sí ₦4,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì ń gbọ́ ìtàn lọ́jọ́ ọgbọ̀n, tí àwọn bẹ́ẹ̀ sì ju 50 lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi 50 yẹn sí i, torí mo mọ ara mi: láìsí i, mi ò bá polówó fún mọ̀lẹ́bí mi márùn-ún, kí n gba owó mi.

Nítorí náà, ìwọ tí o kọ̀wé sí wa, kí o tó sanwó dáńlóòdù 5,000 yẹn, bi ẹni náà léèrè ibi tó ti ń rí wọn, kí o sì ní kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi 200 dán an wò. Fi àmì sára ìjápọ̀ rẹ. Dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí kò bá fẹ́ dúró, ìwọ náà ti gbọ́ èsì.

Màmá ní kí n kí gbogbo yín. Ìtàn mẹ́jọ wọn ti jáde, èyí tí wọ́n sọ nípa Ìjàpá àti ìyàwó àna rẹ̀ burú jáì, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé pé mò ń gba ohùn sílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.